Excel, REDCap àbí Covidence? Fọ́ọ̀mù ìyọdátà fún ẹni méjì tí kò gbọdọ̀ wo iṣẹ́ ara wọn

Tí àwọn àpilẹ̀kọ tó yẹ kó wọ inú àgbéyẹ̀wò elétò bá ti wà nílẹ̀, ó kù kí ẹni méjì jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú yọ nọ́ńbà inú wọn sínú fọ́ọ̀mù, kí wọ́n tó wá gbé iṣẹ́ wọn síwájú ara wọn. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa lò? Ṣé Excel tó, àbí ká wá REDCap, àbí ká kúkú sanwó Covidence?" Mo máa fi wọ́n wéra, mo sì máa sọ èyí tí mo fara mọ́ àti ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, nítorí òun ló ń dá ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sí irinṣẹ́ tó lè bá yín tún un ṣe.

Ìbéèrè kan, nọ́ńbà mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká mú àgbéyẹ̀wò lórí TXA, oògùn tí wọ́n ń gún sí iṣan obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ìwádìí ńlá tó wà níbẹ̀ ni WOMAN, èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Obìnrin 20,060 ló wà nínú rẹ̀, láti ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìbò ni wọ́n fi pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì: ọ̀wọ́ kan gba TXA, èkejì gba oògùn òfìfo.

Ká sọ pé ohun tí fọ́ọ̀mù yín béèrè ni "Iye àwọn tó kú nínú ọ̀wọ́ TXA". Olùyọdátà àkọ́kọ́ kọ 155. Ẹnìkejì kọ 227. Ẹnìkẹta tó fẹ́ là wọ́n ṣí àpilẹ̀kọ náà, òun rí 89. Kò sí èyí tó ka ìwé náà tì nínú wọn. 155 ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà pa. 227 ni gbogbo àwọn tó kú, ohun yòówù tó pa wọ́n. 89 ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà pa nínú àwọn tó gba oògùn kí wákàtí 3 tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tó bá sì ń sáré, tó wá "àbájáde àkọ́kọ́" lọ, á bá 534 pàdé, ìyẹn àwọn tó kú pa pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n yọ ilé ọmọ wọn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe ìwádìí náà ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń sọ yàtọ̀ pátápátá. Tí ẹ bá fi 155 nínú 10,036 wé 191 nínú 9,985 ti ọ̀wọ́ kejì, ewu ọ̀wọ́ TXA já sí 0.81 ti èkejì. Tí ẹ bá mú gbogbo ikú, 227 sí 256, ó di 0.88. Tí ẹ bá mú 534 sí 546, ó di 0.97, ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan á sọ pé oògùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn ìwádìí náà: wọ́n rí i pé àwọn dókítà sábà máa ń pinnu láti yọ ilé ọmọ ní àkókò kan náà tí wọ́n ń fi obìnrin sínú ìwádìí, kí oògùn tó ráyè ṣiṣẹ́. Wọ́n wá fi kún iye obìnrin tí wọ́n máa gbà, láti 15,000 sí 20,000, kí wọ́n lè rí ipa rẹ̀ lórí ikú tí ẹ̀jẹ̀ dídà fà. Ẹni tó bá ṣe fọ́ọ̀mù láìmọ èyí á kàn béèrè "ikú", á sì máa retí kí ẹni méjì bára wọn mu.

Iye tó wà nísàlẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ìbò pín 10,051 sí ọ̀wọ́ TXA, ó pín 10,009 sí èkejì, ṣùgbọ́n 10,036 àti 9,985 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò. Ẹ lè rò pé tí ẹ bá ṣe ìpín náà, tí ẹ sì rí nọ́ńbà tí àpilẹ̀kọ tẹ̀, ó ti fi hàn pé ẹ mú iye tó tọ̀nà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀: èyí tí ẹ bá lò nínú méjèèjì, 0.81 náà lẹ máa rí. Nínú ìwádìí tó tóbi báyìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwádìí obìnrin 80 tí 9 nínú wọn kò padà wá, ó lè yí ìdáhùn padà, àyẹ̀wò yẹn sì lè má kì yín nílọ̀.

Ẹ wo bí ìbéèrè kan náà ṣe lè wá lọ́nà méjì:

| Bó ṣe máa ń wà | Bó ṣe yẹ kó wà |
|---|---|
| Iye àwọn tó kú | Iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídà pa, ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, láìka wákàtí tí wọ́n gba oògùn sí. Àpótí mìíràn fún gbogbo ikú |
| Iye obìnrin | Iye tí ìbò pín. Iye tí wọ́n fi ṣe ìṣirò àbájáde yìí gan-an |
| Ẹ̀jẹ̀ tó dà | Nọ́ńbà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Irú nọ́ńbà tó jẹ́ (ẹ yan ọ̀kan). Ṣé wọ́n wọ̀n ọ́ ni àbí wọ́n fojú díwọ̀n ọn |
| Ṣé wọ́n fi ìbò pín wọn dáadáa? | Ẹ kọ gbólóhùn àpilẹ̀kọ gan-an síbí, kí ẹ tó yan bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí kò yé |

Ẹ fi àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà pàtàkì fún ojú ìwé tàbí tábìlì tí ẹ ti rí i. Ó máa ń dà bí iṣẹ́ àṣekún títí di ọjọ́ tí ìyàtọ̀ bá dé.

Excel

Ohun tó dára nínú Excel ni pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè tún fọ́ọ̀mù ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí àpilẹ̀kọ yín kò bá ju ogún lọ, òun ni mo máa kọ́kọ́ dábàá. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ fúnra yín kó tó lè ṣọ́ ẹni méjì.

Fáìlì méjì ni kí ẹ lò, ẹni kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà nìkan máa gbà wọ́n wọlé. Ìlà kan ni fún àbájáde kan ní ìwádìí kan, ẹ sì ti kọ orúkọ ìlà wọ̀nyẹn sílẹ̀ kí ẹ tó pín fáìlì, kí ẹ tì í kí ẹnikẹ́ni má lè fi ìlà kún un. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá parí, ẹ kó ṣíìtì méjèèjì sínú fáìlì kẹta, kí ẹ pe ọ̀kan ní `Akoko`, èkejì ní `Ekeji`, kí ẹ fi èyí wá ìyàtọ̀:

```
=IF(EXACT(Akoko!D5,Ekeji!D5),"","YATO")
```

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ti ìlà pa nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fi ìlà kan ṣoṣo sáàárín, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á di YATO. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé àpótí òfìfo méjì bára wọn mu lójú Excel. Tí àwọn méjèèjì bá fo ìbéèrè kan, kò ní sí àmì kankan. Nítorí náà, ẹ má gba òfìfo rárá. Ẹ fi "KS" sí i bí àpilẹ̀kọ kò bá sọ ọ́, kí ẹ sì fi "KK" sí i bí ìbéèrè náà kò bá kan ìwádìí yẹn, kí òfìfo lè túmọ̀ sí pé ẹni náà kò tíì débẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Excel máa ń ṣe láìtọrọ àṣẹ: tí ẹ bá kọ 3-5, bóyá fún wákàtí 3 sí 5, ó lè sọ ọ́ di ọjọ́ inú oṣù. Ẹ sọ gbogbo òpó tó lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di `Text` kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́yìn tó bá ti yí i padà, yíyí i padà sí `Text` kò ní dá 3-5 yín padà. Nọ́ńbà àjèjì lẹ máa rí.

Google Sheets rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun gan-an ni mo sì máa ń kọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí. Ṣíìtì kan tí ẹni méjì ń ṣí ní àkókò kan náà ti pa ìdádúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ run. Ẹ ò ní sọ pé ẹ fẹ́ jí i wò, ojú yín á kàn bọ́ sí i pé ẹnìkejì ti kọ 227, tiyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá 227 kiri. Tí ẹ bá máa lò ó dandan, fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí ẹni kọ̀ọ̀kan má ní àṣẹ láti ṣí ti ẹnìkejì.

REDCap

Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ REDCap, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún kíkó dátà ìwádìí, ní 2004. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe fún èrè tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà ló máa gbé e sórí sáfà tirẹ̀, tó sì máa ní ẹni tó ń bójú tó o. Kí ẹ tó ronú lé e, ẹ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín ní in. Tí wọn kò bá ní in, ẹ lọ sí ìsọ̀rí tó kàn.

Ohun tó mú kó bá iṣẹ́ yìí mu ni ètò tó ń jẹ́ `Double Data Entry`. Ó ń jẹ́ kí ẹni méjì kọ ìwádìí kan náà láìrí ti ara wọn. Lábẹ́lẹ̀, ó ń pa wọ́n mọ́ bíi `WOMAN--1` àti `WOMAN--2`, ẹnìkẹta á wá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á yan èyí tó tọ̀nà, á sì dá àkọsílẹ̀ àpapọ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò pa rẹ́. Ìyẹn wúlò gan-an lọ́jọ́ tí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò bá béèrè pé ìyàtọ̀ mélòó ló wà kí ẹ tó fìmọ̀ ṣọ̀kan.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tan ètò yìí o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó REDCap ní ilé ẹ̀kọ́ yín ni ẹ máa lọ. Kí ẹ sì ṣe àdánwò fọ́ọ̀mù yín tán kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà lọ sí `Production`, nítorí láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àtúnṣe gbọ́dọ̀ gba `Draft Mode` kọjá. Ẹni tó bá sáré gbé e lọ lè máa dúró de ìfọwọ́sí kó tó lè yí ìbéèrè kan ṣoṣo padà.

Covidence

Nínú mẹ́ta yìí, òun nìkan ni wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ ti lè ti ibẹ̀ ṣe yíyan àpilẹ̀kọ, PDF ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù, ẹni méjì kò rí ti ara wọn títí tí àwọn méjèèjì á fi parí, ojú ewé ìfohùnṣọ̀kan sì ń fi ìdáhùn méjèèjì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Owó ni wọ́n ń gbà, àfi tí àgbéyẹ̀wò yín bá wà lábẹ́ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣe irú àgbéyẹ̀wò yìí, tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ti sanwó.

Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. `Extraction 1` ti ní àpẹẹrẹ tó le díẹ̀, ó dára fún ẹni tó ń gbé dátà lọ sí RevMan, irinṣẹ́ tí Cochrane fi ń kó àbájáde pọ̀. `Extraction 2` ń jẹ́ kí ẹ kọ́ fọ́ọ̀mù bó ṣe wù yín. Fún TXA, `Extraction 2` ni mo máa mú, torí pé ikú tó ní wákàtí nínú, ikú tí kò ní, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fojú díwọ̀n kì í wọ inú àpótí tí ẹlòmíì ti kàn sílẹ̀.

Èrò mi ni pé àgbéyẹ̀wò kékeré tó ní ẹni méjì, kí ẹ lo Excel. Tí iṣẹ́ yín bá pọ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ yín sì ní REDCap, ẹ mú un. Covidence nìkan ni mi ò ní sọ pé kí ẹ sanwó rẹ̀ látinú àpò yín, àfi tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe yíyan àpilẹ̀kọ náà.

Kí fọ́ọ̀mù gba ohun tí wọ́n tẹ̀, àbí ohun tí ẹ ṣírò?

Àwọn ìwádìí kéékèèké lórí TXA máa ń ròyìn iye ẹ̀jẹ̀ tó dà ní mìlílítà. Ọ̀kan á fún yín ní ìpíndọ́gba àti ìyapa rẹ̀, ìyẹn SD. Òmíràn á fún yín ní ìpíndọ́gba àti SE, ìyẹn ìwọ̀n bí ìpíndọ́gba náà ṣe dájú tó, tàbí àlàfo ìdánilójú 95%. Ẹlòmíì á fún yín ní iye àárín nìkan. Tí fọ́ọ̀mù bá béèrè "SD" péré, olùyọdátà kan á ṣe ìṣirò sórí fóònù, á kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹnìkejì á kọ KS. Àwọn méjèèjì ti ṣe ohun tí fọ́ọ̀mù ní kí wọ́n ṣe.

Ẹ gba ohun tí wọ́n tẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yan irú nọ́ńbà tó jẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò lẹ́yìn ìfohùnṣọ̀kan, nínú òpó mìíràn, kí gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ká sọ pé ọ̀wọ́ kan ní obìnrin 100, àlàfo ìdánilójú ìpíndọ́gba rẹ̀ sì lọ láti 420 sí 500 mìlílítà. Ẹ pín 80 sí 3.92, ẹ rí SE tó tó 20.4. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, tí í ṣe gbòǹgbò ọgọ́rùn-ún, SD yín wá jẹ́ 204. Ẹni tó bá gbé 20.4 sínú àpótí SD ti jẹ́ kí ìwádìí yẹn dà bí èyí tó dá ara rẹ̀ lójú ní ìlọ́po mẹ́wàá. Tí ẹ bá kó wọn pọ̀, ó lè gba ìwọ̀n tó tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún èyí tó yẹ kó gbà. Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ ni pé ìwádìí kékeré kan á máa jọba lórí àwòrán àpapọ̀ yín, SD rẹ̀ á sì kéré gan-an sí ti àwọn tó kù.

Àdánwò fọ́ọ̀mù

Àpilẹ̀kọ mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, àmọ́ ẹ má mú èyí tó rọrùn. Fún TXA, mo máa mú WOMAN fúnra rẹ̀, ìwádìí kékeré kan tó fún wa ní iye àárín nìkan, ọ̀kan tó ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, àti WOMAN-ETAC, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láti wo bí TXA ṣe ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà. Ìdí tí mo fi mú èyí tó gbẹ̀yìn ni pé àwọn obìnrin inú rẹ̀ ti wà lára àwọn 20,060 yẹn. Fọ́ọ̀mù tí kò bá yà "ìwádìí" sọ́tọ̀ kúrò lára "àpilẹ̀kọ" á kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹni kan bá fún un ní nọ́ńbà ìwádìí tuntun, tí ẹnìkejì sì so ó mọ́ WOMAN, àdánwò yín ti ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá ti ṣe tán, ẹ má kàn ka iye ìyàtọ̀. Ẹ béèrè ohun tó fà á. Ká sọ pé àpótí 40 wà nínú fọ́ọ̀mù, àpilẹ̀kọ sì jẹ́ 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 160, ìyàtọ̀ sì wà nínú 22. Wọ́n bára mu nínú ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá yẹ wọ́n wò: 5 jẹ́ ìtẹ̀kutẹ̀, 3 jẹ́ pé ohun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ kò bá tábìlì inú rẹ̀ mu, 14 sì wá láti inú ìbéèrè mẹ́ta péré, títí kan ti ikú. Ìtẹ̀kutẹ̀ ni ẹni méjì wà fún, wọn á máa mú un títí iṣẹ́ á fi parí. Àpilẹ̀kọ tó ń ta ko ara rẹ̀ ń fẹ́ òfin tí ẹ kọ sílẹ̀: tábìlì ló borí, ẹ sì kọ̀wé sí àwọn tó kọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn nìkan ló ń sọ pé fọ́ọ̀mù kò tíì jinná. Àwọn kan máa ń ṣe ìṣirò kappa níbí, èyí tó ń wọn bí ẹni méjì ṣe bára mu tó. Kò burú fún ìbéèrè tí èèyàn ń yan ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n fún nọ́ńbà bíi 155, kò lè sọ ohun tó yẹ kí ẹ tún ṣe fún yín.

Ìpàdé ìfohùnṣọ̀kan fúnra rẹ̀ ní ewu kan tí irinṣẹ́ kankan kò mọ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀gá, tí èkejì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lè gbọ́ ọ: "Ẹ jẹ́ ká lo tiyín, sà." Ìyẹn kì í ṣe ìfohùnṣọ̀kan, ìbọ̀wọ̀ fágbà ni, ẹni méjì sì ti padà di ẹni kan. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹni kékeré kọ́kọ́ sọ ojú ìwé àti tábìlì tó ti mú tirẹ̀, kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jọ ṣí i. Tí wọn kò bá sì gbà fún ara wọn, ẹnìkẹta tí wọ́n ti dárúkọ sínú ètò iṣẹ́ ló máa là á.

Àwọn kan á ní kí ẹni kan yọ ọ́, kí ẹnìkejì kàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó lè yá. Wọ́n dán an wò ní Kánádà, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006: ó dín àkókò kù lóòótọ́, àmọ́ àṣìṣe fi ìdá 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni méjì tó yọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Tí ọwọ́ kò bá tó, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún orúkọ ìlú àti ọdún. Ẹ má ṣe é fún àbájáde.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún ìbéèrè mẹ́ta náà ṣe, ẹ fún fọ́ọ̀mù ní nọ́ńbà tuntun àti ọjọ́, kí ẹ tún dán an wò lórí àpilẹ̀kọ méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn ti ìṣáájú kò wúlò mọ́ fún ìyẹn, ẹ ti mọ ìdáhùn wọn sórí. Tí ìyàtọ̀ tó kù bá jẹ́ ìtẹ̀kutẹ̀ nìkan, ẹ ti fọ́ọ̀mù pa, kí ẹ sì padà fi ti tuntun yìí yọ dátà àpilẹ̀kọ mẹ́rin àkọ́kọ́, nítorí ohun tí ẹ kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù mọ́.